Iná sàlẹ́ńsà ọ̀kadà: bí mo ṣe mọ̀ pé egbò ẹsẹ̀ mi ti ń bàjẹ́

Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà n'Íbàdàn á mọ àpá yẹn, àpá roboto tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun lápá inú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì máa ń wà jù torí apá ibẹ̀ ni sàlẹ́ńsà wà. Èmi náà ti gba tèmi o. Mọ́ńdè ni, mo ń bọ̀ láti Sángo, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì, bọ̀dá ọlọ́kadà ń pariwo pé kí n tètè sọ̀kalẹ̀ torí ọkọ̀ wà lẹ́yìn, bí mo ṣe ní kí n sọ̀kalẹ̀ báyìí ni ẹsẹ̀ mi bá lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná yẹn. Ó kàn dún ṣàà ni.

Mo ra píọ̀ wọ́tà méjì, mo dà á sí i, mo rò pé mo ti ṣe gudugudu méje. Ìgbà tó yá ni nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé omi tó ń ṣàn ló yẹ kó wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, omi tútù lásán ṣá, kì í ṣe yìnyín, àti pé kódà tí wákàtí 3 ò bá tíì kọjá ó ṣì wúlò. Èmi ò lò tó ìṣẹ́jú 2. Mo délé, màmá tó wà ní yàrá kejì sí wa ti gbé pẹ́ẹ̀sì ìfọyín jáde, wọ́n fi kùn ún, ó sì tutù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti gbẹ mọ́ ọn bíi símẹ́ǹtì, a sì ní láti máa ha á kúrò. Ibi tó jó ti lé ròrò, ìléròrò náà tó ìdérí ìgò mínírà. Èmi náà wá fọwọ́ ara mi ṣe ara mi, mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo fi iná gáàsì yan án díẹ̀, mo gún un, mo tún bó awọ orí rẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, awọ yẹn ni báńdéèjì tí ara fúnra rẹ̀ ṣe, ẹni tó bó o ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò nìyẹn.

Ní Wẹ́sìdeè ó dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ti ń lọ dáadáa. Ó ń ta mí díẹ̀díẹ̀, ó wú díẹ̀, omi tó mọ́ tó pọ́n rúsúrúsú ń jáde lára ẹ̀, mo fi gọ́ọ̀sì bò ó, mo lọ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìyẹn kì í ṣe nǹkan burúkú o. Ara tí iná bá jó gbọ́dọ̀ wú, ó gbọ́dọ̀ gbóná díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ń sáré wá síbẹ̀ láti tún un ṣe. Àmọ́ nǹkan tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ó yẹ kí èyí máa lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tí ó bá ti rọlẹ̀ tán tó wá tún gòkè, ibẹ̀ ni kéèyàn ti dúró kó wò ó dáadáa.

Tèmi tún gòkè. Tọ́sìdeè lálẹ́ mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ báyìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí, ó ń sọ kì kì kì bí ẹni pé ọkàn mi ti kó lọ sínú ẹsẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rọ̀. Mo gbé e sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màámi ní ó ti ń jinná nìyẹn, pé egbò tó bá ń jinná máa ń sọ èèyàn. Mo ní màámi, egbò tó bá ń jinná máa ń yún ni, kì í sọ báyìí. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu dákẹ́.

Mo wò ó, mi ò rí pípọ́n kankan. Ohun tó fẹ́ pa mí lára nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé tí egbò bá ti bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n lára dúdú bíi tèmi pípọ́n yẹn kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́ ni mo rí i pé awọ tó yí egbò náà ká ti yí àwọ̀ padà, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní àwọ̀ èsè àlùkò díẹ̀ nínú, ó sì ń dán bí awọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí jù. Ẹni tó bá ń dúró de kó pọ́n bíi ata lára wa á pẹ́ kó tó mọ̀.

Ọwọ́ ló ràn mí lọ́wọ́ ju ojú lọ. Mo ká aṣọ ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, mo jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru aṣọ má baà tàn mí jẹ, mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì, mo fi kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ojú ibì kan náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ìyàtọ̀ yẹn ò kéré rárá, tọ̀tún gbóná bí ìgbà tí mo gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Mo wá fi ìka tẹ awọ tí iná ò jó rárá, tó jìnnà sí etí egbò tó ìka méjì, ó dùn mí débi pé mo pariwo. Egbò tí kò tíì bàjẹ́, ojú egbò nìkan ló máa ń dunni, awọ tó wà lókèèrè kì í bá wọn dá sí i.

Ní ti ojú egbò fúnra ẹ̀, nǹkan yẹ́lò kan wà lórí ẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé ọyún ni. Nọ́ọ̀sì padà sọ pé awọ yẹ́lò tó lẹ̀ mọ́ ojú egbò iná kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọyún, ara ló máa ń ṣe é. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé omi tó ń jáde, tó mọ́ ní Wẹ́sìdeè, ti ki, ó ti di bí omi ògì, gọ́ọ̀sì tí mo ṣí sì ń rùn.

Mo mú báírò, mo fà á yí ibi tó wú àti ibi tó gbóná ká, mo kọ "aago 9 alẹ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun ló ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀. Kó tó di aago 7 àárọ̀ Fúráìdè, ó ti kọjá ìlà yẹn tó ìbú ìka kan. Àríyànjiyàn ti parí nìyẹn, màámi pàápàá wò ó wọ́n dákẹ́.

Nǹkan tó kù ni kí n ṣe kínni. Kẹ́míìsì wà ní iwájú ilé wa, ọmọkùnrin ibẹ̀ á ta áńpíkílọ́ọ̀sì fún ẹnikẹ́ni láì bi ènìyàn léèrè nǹkan kan, ẹ sì mọ bí a ṣe ń lò ó, a ó ṣí kápúsù, a ó da ìyẹ̀fun ẹ̀ sójú egbò. Mo ti ṣe é rí fún orúnkún. Èèpá lásán ni ìyẹ̀fun yẹn máa ń dì lójú egbò, kò lè dé inú ẹran ara tí kòkòrò ti ń rìn, ó sì lè jẹ́ kí ara ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn náà. Sípírítì àti àwọn oògùn tí wọ́n ń fi fọ ilẹ̀ náà, ara tuntun tó ń hù ni wọ́n ń jó.

Mo bi ara mi ní ìbéèrè díẹ̀ kí n tó pinnu ibi tí mo máa lọ. Ṣé òtútù ń mú mi, ṣé ara mi ń gbọ̀n? Rárá, tẹmomítà ní 37.4. Ṣé ìlà kan wà tó ń gun ẹsẹ̀ lọ sókè, àbí kókó wú níbi tí itan ti pàdé ikùn? Rárá. Ṣé ìrora ẹ̀ ju bí egbò náà ṣe rí lójú lọ gan-an, àbí awọ ń di dúdú kirikiri tí kò sì mọ nǹkan lára mọ́? Rárá. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní dúró di ọ̀sán, ọsibítù ńlá tààrà ni. Bákan náà ló rí fún ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ọmọ kékeré, tàbí tí egbò náà bá wà lójú, lọ́wọ́, tàbí lórí oríkèé. Torí kò sí ìkankan, mo lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa.

Àǹtí nọ́ọ̀sì kan ló dá mi lóhùn, wọ́n wo ìlà báírò yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ wa díẹ̀." Dókítà wá, ó ní sẹ́lúláítíìsì ni, pé kòkòrò ti wọ abẹ́ awọ. Wọ́n gún mi níka láti wo ṣúgà, kò ga. Wọ́n fi omi iyọ̀ tí wọ́n sè tutù fọ ojú egbò, wọ́n gé awọ òkú kúrò, wọ́n fi gọ́ọ̀sì tó ní fásílìn bò ó kó má baà lẹ̀. Wọ́n bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, mo rántí pé ìgbà oyún ọmọ mi ni, ọdún 9 ti kọjá, wọ́n gún mi lọ́kàn míì. Wọ́n tún bèèrè bóyá pẹnisílíìnì ti fa ara yíyún tàbí ojú wíwú fún mi rí kí wọ́n tó kọ oògùn.

Fulukilọ́sásílíìnì 500 míligíráàmù ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọjọ́ 7, kí oúnjẹ má sì sí nínú, ìyẹn wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn ẹ̀. Tèmi nìyẹn o, kì í ṣe kí ẹlòmíì fi èyí lọ ra tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn ṣòro jù, mo gbé álámù sí fóònù fún un. Wọ́n ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí méjì, èyí sì ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ torí sísọ yẹn ló kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè tún kọjá ìlà díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí oògùn tó dé ibẹ̀, kí n má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n tí wákàtí 48 bá pé tí kò bá dínkù, tàbí tí ibà bá dé, kí n padà wá kíá. Lóòótọ́ ní àárọ̀ Sátidé ó kọjá díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé oògùn yìí ò ṣe nǹkan kan. Sọ́ńdè lọ́sàn-án ni mo rí i pé awọ ti ń wọlé padà sínú ìlà, ó rọ̀, ó hun jọ díẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú nǹkan inú ẹ̀, ooru ẹ̀ àti ti ẹsẹ̀ òsì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo lo oògùn tán, mo pààrọ̀ gọ́ọ̀sì ní ọjọ́ méjì méjì, egbò náà fúnra ẹ̀ sì gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dì pátápátá.

Àpá náà fẹ́ẹ́rẹ́ ju ara mi yòókù lọ báyìí, kò sì tíì dúdú padà. Ìlà báírò yẹn ló pẹ́ kó tó ṣí, màámi ní kí n fi kànìnkànìn ha á, mo ní mi ò tún ní ha ẹsẹ̀ yìí mọ́ láé.