Bí mo ṣe kọ ímeèlì tó mú owó adìrẹ wa wọlé

Owó tí a san fún ẹni tó bá wa kọ lẹ́tà sí oníbàárà wa ní Jàpáànì ṣì ń dùn mí. Adìrẹ ẹlẹ́kọ tó ra ti gbẹ, a ti ká a sínú àpótí nílé aró àǹtí mi níbí l'Óṣogbo, ìyókù owó nìkan la ń retí. Akọ̀wé náà ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀, pé kéèyàn sọ ọ́ lójú abẹ níkòó. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ san ìyókù owó kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó ta aṣọ náà fún ẹlòmíràn." Ó tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá obìnrin tí à ń bá kọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lọ́dọ̀ obìnrin tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa kó tó béèrè ohunkóhun.

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gba owó òkèèrè sí báǹkì àti bí wọ́n ṣe ń di ẹrù kò le. Ibi tó há mi mọ́lẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tí a ó fi béèrè owó.

Àǹtí mi ní kí n má dárúkọ owó rárá. Ó ní, "Kí wọn dáadáa, kó o wá sọ fún wọn pé aṣọ wọn ti gbẹ, pé ó wà nílẹ̀. Ọmọlúàbí á gbọ́." Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé kan ní Òkè-Fíà ló jẹ wá lówó, òótọ́ ni, á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwa náà mọ̀. Ará Jàpáànì ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wọn, àwa náà ń sọ ọ́ fún ara wa, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwa, kò sì sí ojú tàbí ohùn nínú ímeèlì tí á gbà wá. Wọ́n lè ka lẹ́tà náà kí wọ́n dúpẹ́ pé aṣọ gbẹ, kí ó parí síbẹ̀. Ìwádìí kan tí onímọ̀ èdè Shoshana Blum-Kulka gbé jáde ní 1987 tì mí lẹ́yìn: àwọn tó ń sọ Hébérù àti Gẹ̀ẹ́sì kò ka ìbéèrè tí a fi pamọ́ sí èyí tó níwà jù lọ. Irú "ṣé ẹ lè bá wa ṣe é" ni wọ́n fi sípò kìíní. Kì í ṣe Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ àti ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ohun kan náà.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo jẹ́ kí iye owó àti ọjọ́ le bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n le, mo wá rọ ohun tó yí wọn ká. Mo yọ orúkọ ọ̀gá kúrò, torí ẹ̀dà yẹn ń fi obìnrin náà sùn níwájú àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́. Mo sì sún ọjọ́ síwájú, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Jàpáànì, ìwé owó máa ń kọjá lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá tíì fèsì, ó lè jẹ́ pé ìwé ṣì wà lọ́nà. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú òtútù o. Ẹ ṣeun fún owó àkọ́kọ́, òun la fi ra aṣọ funfun. Adìrẹ yín ti ṣetán. Tí ìyókù, dọ́là 300, bá lè wọlé ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, a ó lè fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ náà kò bá rọrùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ èyí tó bá yín lára mu, a ó tún ètò wa ṣe."

Ìdáhùn dé! Inú mi dùn gan-an. Obìnrin náà ní ọjọ́ 28 "lè ṣòro díẹ̀". Akọ̀wé yẹn ì bá ka èyí sí ìlérí kó máa dúró. Èmi kà á sí "rárá" tó fi pẹ̀lẹ́ sọ, mo sì fi ọjọ́ méjì mìíràn síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Ó mú èyí tó jìnnà jù, owó sì wọlé lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn kan wà tí n kò rọ̀ rárá nínú lẹ́tà tó bá ẹrù lọ: "Ẹ dá aṣọ yìí nìkan fọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, aró á jáde." Àǹtí mi ní ó dà bí àṣẹ. Mo ní kó rí bẹ́ẹ̀, torí àǹfààní tiwọn ni. Bí mo bá sọ pé "bóyá ẹ lè gbìyànjú omi tútù", wọ́n á rò pé èyí tó wù wọ́n ni, wọ́n á sì da aṣọ funfun pọ̀ mọ́ ọn.