Bí mo ṣe kọ̀ láti gba iye owó ọ̀rá búrẹ́dì láì ba àárín wa jẹ́

Kotéṣọ̀n tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá l'Ékòó kà báyìí: ọ̀rá búrẹ́dì, fífẹ̀ 25 sẹ̀ǹtímítà, gígùn 40, nínípọn máíkírọ́ọ̀nù 30, àwọ̀ méjì, kílò 500, ₦4,200 fún kílò kan, ọjọ́ 14 ni iye náà fi dúró. Iṣẹ́ wọn mọ́, owó yẹn ni agbára wa kò ká. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí n kọ̀ láti gba iye náà, kí wọ́n má sì yọ wá kúrò nínú àwọn oníbàárà tí wọ́n ń retí.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ jẹ mí lógún. Kílò ni wọ́n fi ń ta ọ̀rá, ṣùgbọ́n àpò kọ̀ọ̀kan ni búrẹ́dì ń wọ̀, nítorí náà ₦4,200 kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Fífẹ̀ àpò ni kí o sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn rẹ̀, o tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí pé ojú méjì ló ní, lẹ́yìn náà nínípọn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà (máíkírọ́ọ̀nù 30 jẹ́ 0.003), kí o wá fi 0.92 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn iye gíráàmù tí sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá rírọ̀ ń wọ̀n:

```
25 × 40 × 2 × 0.003 × 0.92 = 5.52 g
```

Kílò kan á fún mi ní àpò bí 181, àpò kan á sì jẹ́ ₦23 ó lé díẹ̀. Ohun tí iye tí à ń ta búrẹ́dì lè gbé kò ju ₦21 lọ. Tí VAT 7.5% kò bá tíì sí nínú iye tí wọ́n kọ, ₦23 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦25, nítorí náà mo kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ní ó ti wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti là wà nínú ìṣirò kan náà. Tí nínípọn bá sọ̀kalẹ̀ sí máíkírọ́ọ̀nù 27, àpò kan á wọn gíráàmù 4.97, kílò kan á fún mi ní àpò 201, ₦4,200 wọn á sì di nǹkan bí ₦20.90 lórí àpò kan. Wọn kò ní yọ kọ́bọ̀ kan kúrò lórí kílò, èmi náà á sì rí ohun tí mo ń wá. Ọ̀pọ̀ àwa olùrajà ló máa ń rin kinkin pé kí ọlọ́jà já owó sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kóró rọ́bà tí wọ́n ń rà, dọ́là ló ń darí rẹ̀, agbára wọn lórí iye kílò kò pọ̀. Nínípọn, iye àwọ̀, iye kílò tí a bá gbà lẹ́ẹ̀kan àti ìgbà tí a máa sanwó ni wọ́n lè gbé síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mo wá kọ ọ́ sórí Wáásáàpù. N kò fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tó ń bá wa dúnàádúrà kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó. Ọ̀rọ̀ tí o bá kọ ni yóò gbé fún ọ̀gá rẹ̀, tí kò bá sì sí fígọ̀ nínú rẹ̀, "oníbàárà náà ní ó wọ́n" nìkan ni ọ̀gá yóò gbọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ fi kotéṣọ̀n àti sámpù ránṣẹ́. Iṣẹ́ yín mọ́, a sì fẹ́ràn bí ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣe jáde. Àmọ́ a kò ní lè gbà á ní ₦4,200 báyìí, nítorí ó ń mú àpò kan dé ₦23, ₦21 sì ni apá wa ká. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wò ó bóyá máíkírọ́ọ̀nù 27 tàbí 28 lè ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ sọ ohun tí iye kílò máa jẹ́ tí a bá san gbogbo owó kí ẹ tó gbé ọjà. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù tó ń bọ̀ la tún máa ra ọ̀rá, a ó sì kàn sí yín ṣáájú ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú àwòrán tí a ó tẹ̀ sára ọ̀rá wa sọ́dọ̀ yín. Iṣẹ́ á máa lọ dáadáa o, sà."

"Báyìí" tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì: iye yìí, ní àkókò yìí, ni mo kọ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tí mo dárúkọ ń fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n lè kọ sílẹ̀; "a ó padà kàn sí yín" lásán kò yàtọ̀ sí ó dàbọ̀. Àwòrán tí mo ní kí wọ́n tọ́jú náà ní èrè tirẹ̀, torí tí ọ̀rọ̀ bá tún dìde, a kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ àwòrán látòkèdélẹ̀.

Mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì sọ pé ẹnì kan ń ta á ní ₦3,600. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá mọ iye tí ara wọn ń ra kóró, wọ́n á ní kí o fi ìwé náà hàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí padà di ìtìjú. Mo sọ pé ₦21 ni apá wa ká, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé òun ni òpin ọ̀rọ̀ mi, nítorí ẹni tó bá ti sọ òpin kò ní ibi tó máa sún sí mọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tí kò ní ọlọ́jà mìíràn mọ̀. Ní òfin àdéhùn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá kọ̀ láti gba iye kan, tàbí tí o bá fi iye tìrẹ dípò rẹ̀, iye àkọ́kọ́ ti kú. Ẹjọ́ Hyde v Wrench ti ọdún 1840 ni wọ́n fi ń kọ́ni: Wrench ní òun á ta oko òun ní £1,000, Hyde fèsì £950, Wrench kọ̀, Hyde wá padà ní òun gbà á ní £1,000, ilé ẹjọ́ sì ní kò sí àdéhùn kankan mọ́. Nítorí náà, bí ọjọ́ 14 kò bá tíì pé, tí o sì lè padà wá gba iye náà, má kọ "a kò ní lè gbà á". Bèèrè nìkan: "Kí a tó fún yín lésì, ṣé ẹ lè ṣe é ní máíkírọ́ọ̀nù 28?" Ìbéèrè kì í pa iye. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́ ni, torí ọ̀rá tó wà nílẹ̀ ṣì tó wa lò.

Èsì wọn dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí mo dárúkọ: máíkírọ́ọ̀nù 28, ₦4,050 fún kílò kan, gbogbo owó ṣáájú. Àpò 194 nínú kílò kan, nǹkan bí ₦20.90 lórí àpò. Mo ní kí wọ́n fi àpò díẹ̀ ránṣẹ́ ná, a kó búrẹ́dì tó ti tutù sínú wọn, a gbé wọn jókòó lórí ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì wo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bóyá ó ń ya. Ibẹ̀ ni ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n kọ nínípọn náà sínú kotéṣọ̀n tuntun, pé kò gbọdọ̀ fi ohun tó ju 5% lọ kọjá 28. Bí ọ̀rá bá nípọn ju ohun tí wọ́n kọ lọ, kílò á pé, àpò á dín, owó tí a sọ̀rọ̀ lé lórí á sì padà wọlé láti ẹ̀yìn. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó fún un: ka àpò 100, gbé e lé e. Gíráàmù 515 ló yẹ kó jẹ́, ohun tó bá kọjá 541, kí a má gbà á.