Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ọrẹ ránṣẹ́ láti báńkì: lẹ́tà akápò sí àwọn ọmọ ìjọ

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí yín lórúkọ Jésù Kristi. Àṣìṣe tí ó ń dá iṣẹ́ akápò dúró jù lọ ni kí ènìyàn kọ àdúrà tàbí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ nìkan sí àyè tí a ń pè ní Narration tàbí Remark lórí fóònù. Ohun tí à ń rí nínú àkọsílẹ̀ báńkì kò ju ọjọ́, iye owó, orúkọ àkáǹtì tí owó ti wá, àti ohun tí ẹ bá kọ sí àyè yẹn. Bí ₦25,000 bá wọlé láti inú àkáǹtì ilé ìtajà kan, tí ọ̀rọ̀ tí ó bá a wá sì jẹ́ "Olúwa ṣeun", báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ₦15,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́wàá, tí ìyókù sì jẹ́ owó ilé kíkọ́? Olúwa mọ̀ ọ́n. Ìwé báńkì ni kò mọ̀ ọ́n. Níwọ̀n bí akápò kò ti ní àṣẹ láti fúnra rẹ̀ pín owó tí a kò sọ ìdí rẹ̀, ńṣe ni yóò wà lọ́tọ̀ títí ẹni tí ó ni ín yóò fi yọjú, káàdì ìdámẹ́wàá onítọ̀hún yóò sì ṣófo fún oṣù náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ọrẹ oríṣi méjì pọ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

```
IDAMEWA K147 OSU 3
ILE KIKO K147
```

K147 dúró fún nọ́ńbà tí ó wà lára káàdì yín. Ẹ jẹ́ kí irú ọrẹ ṣáájú, nítorí pé àkọsílẹ̀ báńkì lè gé ìparí ọ̀rọ̀ gígùn kúrò. Ẹ má ṣe fi àmì ohùn sí i níbí (ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀), nítorí pé áàpù báńkì mìíràn kì í gbà á.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀dọ̀ oní-POS ránṣẹ́ kí ó rántí pé orúkọ oní-POS lè jẹ́ èyí tí a ó rí. Ẹ ní kí ó kọ nọ́ńbà káàdì yín sí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí owó bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín ṣùgbọ́n tí fóònù ń sọ pé Pending, ẹ má ṣe tún un fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi Session ID tí ó wà lórí rìsíìtì béèrè lọ́wọ́ báńkì yín. Àwòrán rìsíìtì tí ẹ bá fi sórí Wáásáàpù kò dúró fún owó tí kò tíì wọlé.

Àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ ìjọ nìkan ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe tèmi tàbí ti òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ ka orúkọ tí ó bá yọ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín.

Ẹni tí ó bá ti fi owó ránṣẹ́ láìkọ ìdí rẹ̀, kí ó mú rìsíìtì wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Akápò Ìjọ