Ẹ yé fi "obìnrin náà" rọ́pò elle: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá

Ẹni tó bá ti túmọ̀ ìtàn láti èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì rí á ti kan ìṣòro yìí: il àti elle, he àti she, gbogbo wọn "ó" ni lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀rù á wá máa bani pé àwọn tó ń kà á ò ní mọ ta ló ń sọ̀rọ̀, kó tó pẹ́, "ọkùnrin náà" àti "obìnrin náà" á ti kún ojú ewé. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ka iṣẹ́ mi, ó ní ṣé ẹjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Faransé sọ pé: Paul a appelé Anna. Elle lui a dit qu'il avait pris sa clé. Àwọn kan á kọ ọ́ báyìí: "Pọ́ọ̀lù pe Ánà. Obìnrin náà sọ fún ọkùnrin náà pé ọkùnrin náà ti mú kọ́kọ́rọ́ obìnrin náà." Ó yéni o, àmọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹlòmíì tó sá fún ìyẹn á kọ "Ó sọ fún un pé ó ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀," èyí tiẹ̀ tún burú jù, torí Pọ́ọ̀lù la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ̀, òun lèèyàn á rò pé ó ń sọ̀rọ̀, ìtàn ti yí padà nìyẹn.

Ohun tí Yorùbá ní tí Faransé ò ní ni "òun." Tí ẹnì kan bá sọ nǹkan tàbí rò ó, "òun" lẹ́yìn "pé" tàbí "ní" ni ẹni tó sọ ọ́ gan-an, "ó" sì sábà máa ń jẹ́ ẹlòmíì. Nítorí náà: "Pọ́ọ̀lù pe Ánà. Ánà sọ fún un pé ó ti mú kọ́kọ́rọ́ òun." Orúkọ Ánà ẹ̀ẹ̀kan péré la fi kún un, gbogbo ẹ̀ ti yanjú, Pọ́ọ̀lù ló mú kọ́kọ́rọ́, Ánà ló ni ín. Tó bá jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ni, "kọ́kọ́rọ́ rẹ̀" la máa kọ. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá fipá mú wa láti yan ọ̀kan níbí, torí sa nínú Faransé ò sọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ fúnra ẹ̀ ló ń bá mu, lui náà ò sì sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Her ní Gẹ̀ẹ́sì á sọ ọ́. Ẹni tó bá rí sa tó sì yára kọ "ti obìnrin náà" ti bù mọ́ ọ̀rọ̀, àfi kó padà lọ ka páragíráàfù tó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá sọ "òun" di ohun tí ẹ fi ń ya akọ sọ́tọ̀ lára abo o. Mo ti rí iṣẹ́ kan tí gbogbo he nínú ẹ̀ jẹ́ "òun," tí gbogbo she sì jẹ́ "ó," ó rí bákan ṣá. Tí ọ̀rọ̀ ò bá sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, "òun" ń tẹnu mọ́ ẹni náà ni, bíi "òun ló lọ," kò mọ ọkùnrin mọ obìnrin. Níbi tí "òun" ò bá sì ti lè ràn wá lọ́wọ́, orúkọ, iṣẹ́ ẹni náà, tàbí "ìyàwó rẹ̀" dáa ju "obìnrin náà" lọ.

Àgbàlagbà ńkọ́? Bàbá àgbà nínú ìtàn kì í ṣe "ó," "wọ́n" ni, "òun" tiwọn sì di "àwọn": "Bàbá ní àwọn máa wá lọ́la." Ìgbà yìí ni kéèyàn ṣọ́ra tí èrò míì bá wà níbẹ̀, torí "wọ́n" kan náà la fi ń pe èrò, ẹ tún dárúkọ Bàbá.

Èyí tó máa ń mú àwọn tó gbọ́ Faransé dáadáa pàápàá ni la victime, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣe léṣe. Ọ̀rọ̀ abo ni ní giramà, elle ló máa tẹ̀ lé e, kódà tó bá jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n ni wọ́n ṣe léṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni la personne, ìyẹn èèyàn. Tí ẹ bá fi "obìnrin náà" túmọ̀ elle yẹn, ẹ ti sọ ọkùnrin di obìnrin láàárín ìròyìn, ẹni tó ń kà á ò sì ní ohun tó máa fi mọ̀, àfi tó bá dé ìsàlẹ̀ tó wá bá orúkọ Pọ́ọ̀lù níbẹ̀.