Orin tí mo tò sí fláṣì fún ìrìn òru láti Ìlọrin sí Èkó

5,000 náírà ni mo san fún ọmọkùnrin kan tó ń kọ orin sí fláṣì fún àwa dírẹ́bà. Ó ní orin tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, pé kò lè tán títí n ó fi dé Èkó. Òótọ́ ló sọ, kò tán. Àmọ́ gíláàsì tí mo fi ń wo ẹ̀yìn ló bá a lọ, òmíràn sì jẹ́ 38,000 náírà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Àwọn ará òde ìnáwó ni mo ń kó bọ̀ láti Ìlọrin. Bọ́ọ̀sì kún, gbogbo wọn ti sùn fọnfọn. A ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, a ò tíì dé Ọ̀yọ́, aago mẹ́ta òru ti ń lù. Orin jùjú àtijọ́ kan ló ń lọ, ohùn rẹ̀ kéré, mo sì ti yí rédíò sókè kí n lè gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Orin yẹn parí. Àfi bí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe fi fèrè tírélà bẹ̀rẹ̀, pààààmù! Dìjéè kan ló po orin pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tún ń kígbe orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí. Lọ́kàn mi, tírélà ti dé ẹ̀yìn mi nìyẹn. Mo já ọwọ́ mọ́tò sí ọ̀tún, gíláàsì sì lọ gbá ọ̀kan nínú àwọn dùrọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe tò sẹ́bàá títì. Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ta jí, ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí o, Màmá, ẹ máa sùn." Àyà mi ń lù kìkì.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ọmọ náà, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? "Dádì, orin tó ń jí dírẹ́bà ni mo fi síbẹ̀ fún yín." Mo kàn wò ó ni. Ẹni tí wọ́n ta jí lójijì kì í mọ ibi tó wà fún ìgbà díẹ̀, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó di ọwọ́ mọ́tò mú? Ohun tí dírẹ́bà òru ń fẹ́ ni orin tí kò ní jẹ́ kó sùn rárá. Mo gbé fláṣì mi, mo ní n ó tò ó fúnra mi.

Mi ò ní máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa rí orin, olúkúlùkù ló mọ ibi tó ti ń rí tirẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ gbogbo orin tó ní fèrè mọ́tò, sáírẹ́ẹ̀nì, fèrè ọlọ́pàá tàbí ìbọn nínú dànù. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Gbogbo orin tí dìjéè pò náà bá a lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni mo wá wo bí ìlù ṣe ń yára sí. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà gbà pé fújì ni oògùn oorun, èmi náà ti lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi là lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ń wúwo lórí iná mọ́tò, kí n tó mọ̀, a ti ń sá 130. Warren Brodsky ti Yunifásítì Ben-Gurion ní Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2001. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi mọ́tò ló gbé àwọn èèyàn sí, ó sì rí i pé bí orin bá ṣe ń yára sí i ni wọ́n ń sáré sí i, tí wọ́n sì ń já iná pupa. Torí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlù: ẹ ka á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Èyí tó bá bọ́ sí àárín 95 sí 115 ni mo mú. Fújì tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ kò wọ fláṣì mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Jùjú ló wá pọ̀ jù níbẹ̀, mo sì ní ìdí. Àwọn àwo ńlá tí Ebenezer Obey ṣe láàárín àwọn ọdún 1970, orin kan ń wọ inú èkejì lójú kan àwo náà láì dúró, bíi kí ó máa lọ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò sí ibi tí nǹkan ti já lójijì, síbẹ̀ kò dúró sójú kan: gìtá á gbà á, gángan á gbà á, ègbè á dé. Ègbè yẹn gan-an ni mo ń wá. Bí olórin bá dá a, tí èmi náà ń gbè é, ẹnu mi ń ṣiṣẹ́, mo sì ní láti máa dúró de ibi tí ó kàn mí. Oorun kì í rọrùn fún ẹni tó ń dúró de ibi tí ó kàn án. Orin Fẹlá dára, àmọ́ ṣáájú aago méjìlá ni mo fi í sí, torí ó máa ń pẹ́ kí ó tó la ẹnu kọrin, ní aago mẹ́ta òru etí mi kì í gbọ́ fèrè yẹn mọ́, á kàn máa lọ bí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ti Haruna Ishola náà, ìrọ̀lẹ́ ni. Àpàlà rẹ̀ kún fún òwe tí ó yẹ kí èèyàn máa rò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù jù fún ìdájí.

Nípa ohùn tó ń lọ sókè sódò, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tí mo lò lórí kọ̀ǹpútà, MP3Gain ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ orin kọ̀ọ̀kan wò, ó sì sọ iye ariwo rẹ̀. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ara àwo àtijọ́ wà ní 83, ti dìjéè yẹn jẹ́ 98. Ẹ ò rí i pé ohun tó yà mí lẹ́nu lójú títì nìyẹn! Mo fi gbogbo wọn sí 89, mo tẹ Track Gain, ó parí. Kò tún orin náà kọ, kò bà á jẹ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi nọ́ńbà síwájú orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, 01, 02, 03, títí lọ, kí ti ìrọ̀lẹ́ lè ṣáájú, kí èyí tó ní ègbè lè bọ́ sí ìdájí. Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Mo ki fláṣì bọ rédíò mọ́tò, 17 ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, 04. Mo rò pé mo ti tẹ ibi tó ń da orin rú, mo wò ó, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo tún orúkọ wọn kọ, mo fi 001 síwájú dípò 01. Kò yí padà. Mo ra fláṣì tuntun, owó tún wọlé! Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Oníwáyà tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa ní kí n ra rédíò míì, 45,000. Mo kí i, mo kúrò níbẹ̀.

Orí fláṣì fúnra rẹ̀ ni mo ti rí ìdí rẹ̀. FAT32 ni wọ́n ń pe irú ètò orí fláṣì tí rédíò mọ́tò ń kà, bí ẹ ṣe kọ orin sí i ní ìtẹ̀léra ló ṣe ń tọ́jú orúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń bá yín tò ó kí ó tó fi hàn yín lójú. Rédíò tí kò wọ́n kì í ṣe wàhálà yẹn, bó ṣe bá a ló ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá sì yan gbogbo orin papọ̀, tí ẹ dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe 01 ló máa ń kọ́kọ́ wọlé dandan. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá pa orin kan rẹ́, àyè rẹ̀ ṣófo, orin tuntun tí ẹ bá fi sí i lè lọ jókòó sí àyè yẹn. Ìdí nìyẹn tí orin kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un fi bọ́ sí àárín, tí mo ń bú rédíò aláìṣẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí: mo nu fláṣì náà mọ́ pátápátá, mo tẹ Format, mo yan FAT32. Lẹ́yìn náà mo kọ orin sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dúró kí ọ̀kan parí kí n tó fi èkejì sí i. Ó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi ní kí n wá jẹun títí ọbẹ̀ fi tutù. Ní òwúrọ̀, 01 ló kọ́kọ́ jáde nínú mọ́tò, 02 tẹ̀ lé e. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Mo tún fi nǹkan kan kún un tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ìdákẹ́. Nínú Audacity, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ohùn tí wọ́n sì fi ń tò ó, ẹ tẹ Generate, ẹ yan Silence, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí orin. Èmi ń fi ọ̀kan sáàárín ìwọ̀n wákàtí kan. Etí á sinmi, mà á gbọ́ ohùn táyà àti afẹ́fẹ́. Níbẹ̀ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè orin wo ló parí ṣẹ̀ṣẹ̀. Bí n kò bá lè sọ, oorun ti wọlé nìyẹn, n ò ní tẹ orin kankan mọ́. Rédíò kò gbọdọ̀ ròkè débi tí n kò fi ní gbọ́ fèrè ẹni tó wà lẹ́yìn, mo sì dín ìlù ìsàlẹ̀ kù, torí pé ó ń gún orí bí òru bá ti jìn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé orin ń ṣẹ́gun oorun. Reyner àti Horne ní Yunifásítì Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán rédíò àti afẹ́fẹ́ tútù wò ní 1998, wọ́n rí i pé ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń ran dírẹ́bà tó ti ń tòògbé lọ́wọ́. Èmi tí n kò ka ìwé wọn kí n tó mọ̀ ọ́n, mo ti fojú rí i. Bí ojú bá ti ń wúwo láàárín aago méjì sí márùn-ún, ilé epo tí iná wà ni mo ń wọ̀. Mo ń mu kọfí, mo sì ń sùn fún bí ìṣẹ́jú 20 kíákíá, torí kọfí máa ń gba bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó ṣiṣẹ́, nígbà tí mo bá jí ni agbára rẹ̀ ń dé. Àwọn èrò ń kùn, màmá kan ní kí n má ṣe fi àwọn sí ewu lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní, "Ẹ ṣe é fún mi, Màmá, ewu tó wà níwájú ju ti ilé epo lọ."

Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi ti ń tọrọ fláṣì náà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo ń fún wọn, àmọ́ ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá gbà á, tí ẹ dà gbogbo rẹ̀ sórí fláṣì yín lẹ́ẹ̀kan, 17 ni yóò kọ́kọ́ jáde fún ẹ̀yin náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 01.