Bí mo ṣe ya àwòrán wólíìmọ̀ lábẹ́ kánópì pupa ní Pàkátà

Nígbà tí mo dé agboolé ìyàwó ní Pàkátà, n'Ílọrin, wọ́n ti ta kánópì síwájú ilé, pupa ni. Mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń gba inú aṣọ pupa kọjá, pupa náà ni yóò dà lé gbogbo èèyàn lójú. Ìyàwó tó máa ka Kùránì sì rèé, aṣọ funfun ló máa wọ̀, láwàní funfun ló máa wé. Funfun kì í fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́.

Mo tọ ìyá ìyàwó lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè gbé àga ìyàwó wá sí etí kánópì, kó kọjú sí ògiri ilé?" Wọ́n ní kí n bi ààfáà. Ààfáà wo ọ̀ọ́kán, wọ́n ní, "Kò burú, ṣáà má jẹ́ kí oòrùn pa ọmọ." Ẹ̀gbẹ́ tí òjìji ilé bọ̀ la gbé e sí. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó mọ́ ló wá ń bà á lójú láti iwájú, pupa orí kánópì kò fi bẹ́ẹ̀ rí i mú mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àbúrò ìyàwó gbé bébà funfun síbi tí ojú ìyàwó máa wà. Mo ya àwòrán bébà náà, mo wọ WB nínú kámẹ́rà, ibi tí a ti ń sọ ohun tó jẹ́ funfun fún un, mo fi àwòrán yẹn ṣe òdiwọ̀n funfun. Ibẹ̀ nìkan ni òdiwọ̀n náà bá mu o. Bí mo bá ti yí sí àárín kánópì, mo gbọ́dọ̀ ya àwòrán bébà mìíràn. RAW, fáìlì tó ń pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí mọ́, ni mo sì fi yà á, kí n lè tún àwọ̀ ṣe nílé.

Aṣọ funfun tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó dá ṣe é, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò din ín kù, ojú ìyàwó á wá dúdú. Ṣe ni mo ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí láwàní fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà, àmì pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn, mo wá dá a padà díẹ̀.

Fíláàṣì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ọ́ sókè kó lè ta padà láti àjà. Àjà funfun nìyẹn dára fún. Kánópì pupa, pupa ló máa dá padà. Mo pa á pátápátá nígbà tí ọmọ ń kàwé, torí ó lè mú un ṣi ẹsẹ̀ kà. N kò sì gba àárín òun àti àwọn ààfáà kọjá.

Àwòrán ẹbí, ẹ̀yìn ìrun Alásárì la yà á, lábẹ́ òjìji ilé. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sí àárín kánópì ni pupa kò kúrò lójú wọn, bí mo ṣe tún un tó. Mo ti sọ fún ìyá ìyàwó tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Dúdú àti funfun ni mo sọ àwọn yẹn dà.