Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tó Yẹ Ká San Lóṣù fún Fúláàtì

Owó ọdún kan ni àwọn onílé Ìbàdàn sábà máa ń gbà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi 12 pín in kí ẹ tó fi ilé kan wé èkejì. Ẹ má ro owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù mọ́ ọn; ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni wọ́n ń gba ìyẹn.

Ká sọ pé wọ́n ń pe fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Àpáta ní ₦900,000. ₦75,000 lóṣù nìyẹn. Ó ní omi ẹ̀rọ, àmọ́ ó jìnnà sí títì. Ẹ wá ilé mẹ́ta tó jọ ọ́ ládùúgbò kan náà, kí ẹ sì bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé léèrè iye tí wọ́n san gan-an. Iye tí ejẹ́ǹtì pè kì í ṣe iye tí wọ́n gbà, ayálégbé tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì lè ṣì máa san owó àtijọ́.

Ilé kìíní jẹ́ ₦60,000 lóṣù, ṣùgbọ́n kò lómi. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ń ra omi ₦6,000 lóṣù, nítorí náà ₦66,000 ló ń ná wọn.

Ilé kejì jẹ́ ₦70,000, ó sì wà létí títì. Ẹni tó bá ń gbé tiwa yóò máa gun ọ̀kadà ₦200 lọ, ₦200 bọ̀, fún ọjọ́ 26: ₦10,400. Ẹ yọ ọ́, ó ku ₦59,600. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló ń jáde nílé yín lójoojúmọ́, ìlọ́po méjì lẹ ó yọ.

Ilé kẹta jẹ́ ₦55,000; omi wà níbẹ̀, ó sì jìnnà sí títì bíi tiwa, àmọ́ ó kéré. Ẹ fi tépù wọn gígùn àti ìbú yàrá kọ̀ọ̀kan àti pálọ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tirẹ̀ jẹ́ 400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, tiwa jẹ́ 480. ₦55,000 tí a fi 400 pín, tí a sọ di ìlọ́po 480, ó jẹ́ ₦66,000. Ìṣirò yìí kì í dára bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù, torí pé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan náà ni ilé ńlá àti ilé kékeré sábà máa ń ní.

Nítorí náà, ₦60,000 sí ₦66,000 ló yẹ ilé yìí. Ẹ dúnàá-dúrà láti ₦720,000 lọ́dún, ẹ má sì kọjá ₦792,000. Bí ilé náà bá ti ṣófo fún oṣù mẹ́ta, onílé pàápàá á ti mọ̀ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní mítà bíi tiyín, mítà ti wà nínú owó wọn. Ẹ má tún fi kún un. Ìkún omi ní tirẹ̀ kò ṣeé fi owó yọ. Bí ẹ bá rí ilà ẹrẹ̀ tó ti gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ wá ilé mìíràn.